Bí ọ̀rọ̀ aṣílẹ̀kùn dísíìkì bá sọnù

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ níwájú àwọn tí ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe àti àwọn oníbàárà wọn, ní Ìbàdàn. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́ síbí.

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin tí ẹ ti Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ti ìsọ̀ yín pa nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ ṣé, ọjà á tà o.

Ìpè kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, tíṣà obìnrin kan pè mí lórí fóònù, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ tí mo fi ti dísíìkì mi pa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo yí i padà. Látìgbà náà n kò pa láptọ́ọ̀pù náà rí, mo kàn ń dé e ni. Mo fẹ́ pa á lálẹ́ yìí ni mo rí i pé n kò rántí ohun tí mo kọ mọ́." Mo bi í pé, ṣé ó wà ní títàn báyìí? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Bátìrì ńkọ́? Ó ní ó ku ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣé iná wà? Ó ní wọ́n ti mú un lọ láti ọ̀sán.

Mo ní, "Tíṣà, ẹ má pa á. Ẹ má dé e. Ẹ gbé e lọ sí ilé ẹni tó bá ní jẹnẹrétọ̀, kí ẹ so ó mọ́ iná, kí ẹ tó tún pè mí."

Kí ló dé tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀? Kí ló wà nínú ẹ̀rọ tí ó wà ní títàn tí kò sí nínú èyí tí a ti pa? Bí mo bá dáhùn ìbéèrè yẹn dáadáa, ẹ ti gbọ́ ìdajì ohun tí mo bá wá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ padà sí ọjọ́ tí a gbé Linux sórí ẹ̀rọ, torí pé ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ ìfisórí ẹ̀rọ

Debian, ọ̀kan nínú àwọn Linux, ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ni mo ń fi sórí ẹ̀rọ àwọn oníbàárà mi jù. Bí ẹ bá ń fi í sórí ẹ̀rọ, ẹ ó dé ibi tí ó ti ń béèrè bí ẹ ṣe fẹ́ pín dísíìkì. Àwọn ìlà kan á jáde. Èyí tí ẹ ó yàn ni èyí tí a kọ báyìí:

```
Guided - use entire disk and set up encrypted LVM
```

Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ má baà yan èyí tí ó wà lókè rẹ̀, tí ó jọ ọ́, àmọ́ tí kò ní `encrypted` nínú, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó sọ pé a ó ti dísíìkì pa. Ọ̀pọ̀ ló ti yan ìyẹn, tí wọ́n sì rò pé dísíìkì àwọn ti di àdììtú. Bí ẹ bá tan ẹ̀rọ lẹ́yìn iṣẹ́, tí kò béèrè ohunkóhun kó tó gbé yín dé ibi orúkọ yín, a ò tíì ti dísíìkì yẹn pa rárá. Ó rọrùn jù láti tún un ṣe lọ́jọ́ yẹn, kí iṣẹ́ tó kún inú rẹ̀.

Bí ẹ bá ti yàn án, ẹ̀rọ á pín dísíìkì sí mẹ́ta. Méjì kékeré àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ fi ń jí, ìyẹn kò sí ní títì. Ìpín kẹta, tí ó tóbi jù, ni gbogbo nǹkan yín wà: fáìlì yín, ètò yín, títí dé ibi tí ẹ̀rọ ń kó nǹkan sí nígbà tí ọpọlọ rẹ̀, ìyẹn RAM, bá kún. Lórí àwọn láptọ́ọ̀pù tuntun díẹ̀, orúkọ ìpín yẹn sábà máa ń jẹ́ `/dev/nvme0n1p3`. Orúkọ yẹn ni màá máa lò. Kí ẹ wo ti ẹ̀rọ tiyín pẹ̀lú `lsblk` kí ẹ tó tẹ ohunkóhun.

Lẹ́yìn náà, ẹ ó rí i tí ó ń fi ohun rádaràda kún ìpín náà láti orí dé ìdí. Ó lè gba wákàtí kan, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni sùúrù àwọn ènìyàn ti ń tán, wọ́n á tẹ `Cancel`. Bí dísíìkì náà bá jẹ́ tuntun, kò burú. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀, tàbí tí ó jẹ́ èyí tí ẹ ti ń kó fáìlì sí tẹ́lẹ̀ láìtì í pa, ẹ jẹ́ kó parí. Bí ẹ kò bá jẹ́ kó parí, àwọn fáìlì àtijọ́ á ṣì wà lábẹ́ bí wọ́n ṣe wà, títí tí ohun tuntun á fi bò wọ́n mọ́lẹ̀, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wá á sì lè rí wọn kà. Kí ẹ rí i pé iná dájú, tàbí pé bátìrì kún.

Ìgbà tí ìyẹn bá parí ni yóò wá béèrè ọ̀rọ̀ aṣílẹ̀kùn lọ́wọ́ yín, lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí gẹ̀ẹ́sì ń pè ní páásíwọ́ọ̀dù ni, àmọ́ tí ó gùn. Mo ń pè é ní ọ̀rọ̀ aṣílẹ̀kùn kí ẹ má baà pò ó mọ́ páásíwọ́ọ̀dù tí ẹ fi ń wọlé sí orúkọ yín lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti jí tán. Méjèèjì yàtọ̀. Ti orúkọ yín, bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, mo lè bá yín yí i padà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bí dísíìkì bá ti lè ṣí. Ti dísíìkì ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Àpótí tí ó wà ní iwájú

Ẹ fetí sí èyí o, torí pé òun ni ọ̀pọ̀ àwa tí a ń ṣiṣẹ́ yìí gan-an kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ tẹ̀ yẹn kọ́ ló ń sọ fáìlì yín di àdììtú. Nígbà tí ẹ̀rọ ń pín dísíìkì, ó ṣẹ̀dá kọ́kọ́rọ́ kan fúnra rẹ̀, nọ́ḿbà tí kò ní orí, tí kò ní ìdí, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ bíìtì 512. Kọ́kọ́rọ́ yẹn ni ó fi ń kọ ohun gbogbo, òun náà ló sì fi ń kà á. Ẹ̀yin kò rí i rí, ẹ kò sì ní rí i.

Ibo wá ni kọ́kọ́rọ́ náà ń gbé? Ó ń gbé nínú àpótí kékeré kan ní iwájú ìpín kẹta, tí ètò tí à ń pè ní LUKS ń tọ́jú. Gbogbo àpótí náà kò ju 16 MiB lọ. Ó ní ihò kọ́kọ́rọ́, ihò náà sì lè tó 32. Nínú ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ ńlá yẹn wà, tí a fi ọ̀rọ̀ aṣílẹ̀kùn kan tì pa. Lọ́jọ́ ìfisórí ẹ̀rọ, ihò kan ṣoṣo ni ó ní ohun nínú, ìyẹn ihò òdo. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n yòókù ṣófo.

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Àwọn tó ṣe LUKS mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n fi ọ̀nà púpọ̀ sílẹ̀. Àwa ni a ń fi ẹyọ kan ṣoṣo wọ ọjà lójoojúmọ́.

Nígbà tí ẹ bá tan ẹ̀rọ tí ó sì kọ `Please unlock disk nvme0n1p3_crypt`, ọ̀rọ̀ tí ẹ bá tẹ̀ ni yóò fi dán ihò náà wò. Ó mọ̀ọ́mọ̀ lọ́ra ni. Ó máa ń gba bí ìṣẹ́jú àáyá méjì, ó sì ń lo ààyè púpọ̀ nínú ọpọlọ ẹ̀rọ, tí ó lè tó 1 GiB, kí olè má baà lè máa dán ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ wò lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi ìṣẹ́jú àáyá méjì yẹn sọ́kàn, a máa padà sí i. Bí ọ̀rọ̀ náà bá bá a mu, kọ́kọ́rọ́ ńlá á jáde, á sì jókòó sínú ọpọlọ ẹ̀rọ títí tí ẹ ó fi pa á.

Ìdáhùn ọ̀rọ̀ tíṣà nìyẹn. Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà nínú ọpọlọ ẹ̀rọ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ aṣílẹ̀kùn ti sọnù, àmọ́ ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí, tíṣà sì wà nínú ilé. Bí iná bátìrì bá tán, ilẹ̀kùn á ti ara rẹ̀.

Irú ọ̀rọ̀ tí ẹ ó yàn

Mo ti bá ènìyàn tí ó fi òwe ti dísíìkì rẹ̀ pa pàdé. "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i." Ó gùn, ó dùn, kò ṣeé gbàgbé. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ohun tí gbogbo ayé ń sọ ni ẹni tó bá fẹ́ fọ́ ilẹ̀kùn yóò kọ́kọ́ dán wò: òwe, oríkì, ẹsẹ Bíbélì, súrà, orin. Orúkọ ọmọ àti ọdún tí wọ́n bí i, ìyẹn kò tilẹ̀ yẹ ní ohun tí à ń sọ.

Ohun tí mo ń ṣe nìyí. Mo kọ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá 1296 sínú ìwé kan. Mo ń ta dáìsì lúdò lẹ́ẹ̀mẹrin, nọ́ḿbà tó bá jáde ló ń sọ ọ̀rọ̀ tí màá mú. Màá ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà méje. Ọ̀rọ̀ méje tí kò bá ara wọn tan, bíi `igba ewure lana sibi orule tete agbado`. Èyí tí mo kà sí yín létí yìí, ẹ má lò ó. Oníbàárà á ka tirẹ̀ bí ìtàn kékeré kan, láàárín ọjọ́ mẹ́ta ó ti mọ̀ ọ́n lórí. Ẹni tó bá tiẹ̀ lè dán mílíọ̀nù kan wò ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ó sì mọ àkójọ mi, yóò lò ju mílíọ̀nù 190 ọdún lọ kó tó dán gbogbo rẹ̀ tán.

Ẹ ti rí i pé kò sí àmì lórí ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ ni, ó sì dun èmi tí mo fẹ́ràn èdè wa láti yọ ọ́. Nígbà tí a bá yọ àmì, ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́, oko àti òkò di ọ̀kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe àkójọ tirẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ irú ìbejì wọ̀nyẹn kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tó rò pé ó jẹ́ 1296 lè má tó bẹ́ẹ̀. Ìdí tí mo fi yọ àmì, ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ni.

Ọ̀rọ̀ tí kò sọnù, tí ilẹ̀kùn kò sì ṣí

Baba náà fẹ́ràn kí a kọ Yorùbá bó ṣe yẹ. Mo bá wọn fi Debian sórí ẹ̀rọ, mo fún wọn ní ọ̀rọ̀ méje. Lẹ́yìn oṣù méjì, wọ́n yí i padà fúnra wọn, nígbà tí ẹ̀rọ ti jí tán, tí kíbọ́ọ̀dù Yorùbá sì wà lórí rẹ̀. Wọ́n kọ gbólóhùn gígùn kan pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, dísíìkì kọ̀, kò ṣí. Owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀, ta ló dá, ta ló yá, ta ló kù.

Wọ́n búra fún mi pé àwọn kò gbàgbé. Mo gbà wọ́n gbọ́. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Kí dísíìkì tó ṣí, kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tí wọ́n ń lò kò tíì sí níbẹ̀, torí inú dísíìkì tí ó wà ní títì ni ó wà. Kíbọ́ọ̀dù lásán ni ẹ̀rọ mọ̀ nígbà yẹn. Àti pé, ohun tí ojú wa rí bíi ẹ́, ọ̀nà tí ẹ̀rọ lè gbà kọ ọ́ pọ̀. Ó lè kọ ẹ ní ẹyọ kan kí ó wá gbé àmì ohùn lé e. Ó lè kọ e, kó fi àmì sí i lábẹ́, kó tó fi àmì ohùn sí i lórí, ìyẹn di mẹ́ta. Ojú wa kò mọ ìyàtọ̀. LUKS mọ̀ ọ́n, nọ́ḿbà ni òun ń kà.

Mo fi Debian tí ó wà lórí fíláàṣì tan ẹ̀rọ náà, irú èyí tí ń jí láì fọwọ́ kan dísíìkì. Mo fi kíbọ́ọ̀dù kan náà tí Baba ń lò sí i. Mo ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ wọn bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà, sínú èyí:

```
sudo cryptsetup open --test-passphrase --verbose /dev/nvme0n1p3
```

Àṣẹ yìí kàn ń dán ọ̀rọ̀ wò ni, kò ṣí dísíìkì, kò bà á jẹ́. Lẹ́ẹ̀kíní ó dáhùn pé `No key available with this passphrase.` Baba mí kanlẹ̀. Wọ́n tún un tẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Ó dáhùn pé ihò kan ti ṣí: `Key slot 0 unlocked.` A kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ náà ni mo fi ọ̀rọ̀ méje tí kò ní àmì sínú ihò mìíràn. Wọ́n pa ẹ̀rọ, wọ́n tún un tàn, ó ṣí.

Nítorí náà, bí ilẹ̀kùn bá kọ̀, ẹ má tètè sọ pé ọ̀rọ̀ ti sọnù. Ẹ wo bọ́tìnì `Caps Lock`. Bí nọ́ḿbà bá wà nínú ọ̀rọ̀ yín, ẹ tẹ èyí tó wà lókè kíbọ́ọ̀dù, kì í ṣe ti ẹ̀gbẹ́. Bí bọ́tìnì kan bá ti ń kú lórí kíbọ́ọ̀dù, ẹ kò ní mọ̀, torí kì í fi ohun tí ẹ tẹ̀ hàn. Ẹ ki kíbọ́ọ̀dù mìíràn bọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí ẹ sì ka ohun tó dáhùn. `No key available` túmọ̀ sí pé àpótí wà, ọ̀rọ̀ ni kò bá a mu. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ ọ́ pé `is not a valid LUKS device`, tí ẹ sì dájú pé ìpín tó tọ́ ni ẹ pè, àpótí gan-an ni ó ti bàjẹ́. Ẹnìkan ti kọ nǹkan lé iwájú ìpín náà. Ìyẹn, bí ẹ tilẹ̀ rántí ọ̀rọ̀ yín dáadáa, kò sí ihò tí ẹ ó fi í bọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí a rántí ní ìdajì

Ọmọbìnrin kan tí ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rántí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ méjèèje, kò rántí bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Ó rò pé ó ti parí. Mo ní kó jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ méje lè gbà tẹ̀ léra jẹ́ 5040. Ìṣẹ́jú àáyá méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di 10080, ìyẹn wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 48. Mo kọ gbogbo 5040 sínú fáìlì kan, ọ̀kan ní ìlà kan, mo sì jẹ́ kí ẹ̀rọ máa dán wọn wò:

```
while IFS= read -r w; do
  printf '%s' "$w" | sudo cryptsetup open \
    --test-passphrase --key-file=- /dev/nvme0n1p3 2>/dev/null \
    && echo "$w" && break
done < akojo.txt
```

Kò tó wákàtí méjì tí ó fi bọ́ sí i. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbàgbé, tó sì mọ àyè tó wà, 1296 péré la ó dán wò, kò pé wákàtí kan. Ọ̀rọ̀ méjì ńkọ́? 1296 lọ́nà 1296, ó lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Ní ìṣẹ́jú àáyá méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ju oṣù kan lọ, àmọ́ ó ṣì ṣeé ṣe. Mẹ́ta, ó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ lórí ẹ̀rọ kan. Ẹ rí i bó ṣe ń gòkè? Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń ní kí ẹni tó gbàgbé ṣe ni pé kó jókòó sí kọ̀rọ̀, kó kọ gbogbo ohun tó rántí sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, kí èyí tó kù má baà lọ.

Èyí tí kò sí àtúnṣe fún

Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin gbé láptọ́ọ̀pù kan wá. Bàbá ilé ti kú. Ayàwòrán ni, ìgbéyàwó ló ń yà jù. Àwòrán ọ̀pọ̀ ọdún wà nínú dísíìkì náà, pẹ̀lú èyí tó yà nígbà tí wọ́n bí ọmọ yìí. Òun nìkan ló mọ ọ̀rọ̀ aṣílẹ̀kùn.

Mo kọ́kọ́ wo inú àpótí pẹ̀lú `sudo cryptsetup luksDump /dev/nvme0n1p3`. Ihò kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, òdo. A jókòó láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ìyá ń rántí, ọmọ ń kọ ọ́: oríkì, orúkọ ìlú, orúkọ ilé ìwé, ọ̀nà tó máa ń gbà kọ orúkọ rẹ̀. Mo jẹ́ kí ẹ̀rọ dán bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta wò lóru. Kò sí èyí tó bá a mu.

Ìyá náà bi mí pé, ṣé kò sí ọ̀gá kan ní Èkó, tàbí ní òkè òkun, tó lè ṣe é? Mo ní láti sọ òtítọ́ fún wọn. Kò sí. Àwọn tó ṣe LUKS fúnra wọn kò ní kọ́kọ́rọ́ kejì. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń gba fáìlì là lára dísíìkì tó bàjẹ́, dísíìkì tó ń ṣàìsàn ni wọ́n ń wò, ti bàbá yìí kò ṣàìsàn. Wọ́n á rí gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì jẹ́ rádaràda. Bí ẹnìkan bá gba owó lọ́wọ́ yín pé òun á ṣí i láìmọ ohunkóhun nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹ gba owó yín padà. Mo yọ dísíìkì náà, mo fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, mo ní kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nù ún, torí bóyá ọjọ́ kan wọ́n á rí ìwé kan nínú àpò aṣọ. Wọ́n gbé e lọ sílé.

Ihò mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ṣófo nínú àpótí yẹn.

Ohun tí ẹ ó ṣe ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fi Debian sórí ẹ̀rọ, kí ẹ tó kó fáìlì kankan sí i, ẹ ṣe ohun méjì yìí. Àkọ́kọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ kejì sínú ihò kejì:

```
sudo cryptsetup luksAddKey /dev/nvme0n1p3
```

Yóò béèrè ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó tó gba tuntun lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ kejì yìí kò yẹ kó wà lórí yín. Ẹ fi dáìsì yàn án, ẹ fi bírò kọ ọ́ sórí ìwé, ẹ fi ìwé náà tan ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan kí ẹ lè mọ̀ pé ohun tí ẹ kọ ni ẹ tẹ̀, kí ẹ wá dì í sínú àpòòwé. Ẹ má yà á ní fóònù. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ sínú àpò láptọ́ọ̀pù, torí olè tó bá gbé ọ̀kan ti gbé méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ ẹgbẹ́, kí akápò tọ́jú àpòòwé náà, kí akọ̀wé máa lo ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́.

Èkejì, ẹ ṣe ẹ̀dà àpótí náà:

```
sudo cryptsetup luksHeaderBackup /dev/nvme0n1p3 \
  --header-backup-file apoti.img
```

Fáìlì kékeré kan ni, ẹ gbé e sórí fíláàṣì tó wà níta ẹ̀rọ náà. Bí iwájú ìpín bá bàjẹ́ lọ́jọ́ kan, `luksHeaderRestore` á dá a padà, ọ̀rọ̀ yín á sì tún ní ihò. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí: ẹ̀dà yìí kò lè ṣí ohunkóhun fún ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ aṣílẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ ṣe ẹ̀dà náà ló ń gbọ́.

Èyí ní ojú méjì. Bí ẹ bá yí ọ̀rọ̀ yín padà nítorí pé ẹnìkan ti mọ ti àtijọ́, ẹ̀dà àtijọ́ ṣì ń gbọ́ ti àtijọ́, torí kọ́kọ́rọ́ ńlá kò yí padà. Ẹ gbọ́dọ̀ pa á rẹ́, kí ẹ ṣe tuntun. Ní ọwọ́ kejì, bí ẹ bá yí ọ̀rọ̀ padà, tí ẹ gbàgbé tuntun, tí ẹ sì rántí ti àtijọ́, ẹ̀dà náà lè gbà yín là.

Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ bi tíṣà lálẹ́ ọjọ́ yẹn nígbà tó pè mí padà láti ilé tí jẹnẹrétọ̀ wà. "Ṣé ẹ ṣe ẹ̀dà àpótí lọ́jọ́ tí a fi Debian sí i?" Ó ní rárá. Mo ní kò burú, ẹ jẹ́ ká máa kó ẹrù. A kò lè fi ọ̀rọ̀ tuntun sínú ihò, torí `luksAddKey` á béèrè ti tẹ́lẹ̀, kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú ọpọlọ ẹ̀rọ kì í sì í jáde fún ẹni tó bá ń wá a báyìí nínú LUKS tuntun. Ṣùgbọ́n fáìlì ṣí sílẹ̀. Ó ki dísíìkì ìta kan bọ̀ ọ́, ó wọ́ gbogbo ilé fáìlì rẹ̀ lọ sórí rẹ̀, pẹ̀lú àwọn tó fara pamọ́. Mo ní kó má pa ẹ̀rọ tí kò bá tíì gbé dísíìkì ìta náà sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kó ṣí fáìlì bíi mẹ́wàá níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tí agogo kọjá méjìlá òru, ó ní àwọn ìwé ìdánwò ọmọ ilé ìwé ṣí, àwòrán ṣí, ìwé owó ṣí.

Mo ní, "Ó yá, Tíṣà, ẹ lè pa á." Lọ́jọ́ kejì a fi Debian sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, a dá fáìlì padà, a sì nu dísíìkì ìta náà, torí òun kò sí ní títì. Kí ó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, àpòòwé kan ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ọ̀dọ̀ màmá òun ní Ìṣẹ́yìn ni òun ń gbé e lọ.

Mo ti gbé dáìsì, àkójọ ọ̀rọ̀ àti láptọ́ọ̀pù méjì sórí tábìlì yẹn. Ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá, kó jẹ́ ká jọ ka `luksDump` rẹ̀ kó tó lọ, ká mọ iye ihò tó ní ohun nínú. Ẹ ṣé tí ẹ gbọ́ mi. Mo ń retí ìbéèrè yín.